Ewu iṣẹ́ ni kó sọ ìdá ìdínkù, kì í ṣe èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ yín

Ìbéèrè kan kì í tán nílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ da owó lé iṣẹ́ tuntun: “Báńkì ti ní òun yóò yá wa lówó ní 8% lọ́dún. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń ṣírò iṣẹ́ náà ní 14%? Bí iṣẹ́ bá ti lè mú ju 8% wá, ṣebí èrè ni?”

Rárá o. Ìtọ́sọ́nà yìí yóò fi ìdí rẹ̀ hàn yín lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì sọ bí ẹ ṣe lè rí ìdá tó tọ́ fún iṣẹ́ tiyín.

## Ohun tí ìdá kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n

Ìdá ìdínkù ni ìdá tí a fi ń sọ owó tí yóò wọlé lọ́jọ́ iwájú di iye tó jẹ́ lónìí. Ohun tó ń wọ̀n ni èrè tí ẹni tó ni owó ìbá máa retí bó bá gbé owó náà lọ síbòmíràn tí ewu ibẹ̀ bá ti iṣẹ́ yìí dọ́gba.

Ìbéèrè mìíràn pátápátá ni èlé báńkì ń dáhùn: báwo ló ṣe dá báńkì lójú tó pé gbogbo ilé-iṣẹ́ yín lápapọ̀, tayọ iṣẹ́ tuntun yìí, yóò san gbèsè? Bí iṣẹ́ àtijọ́ yín bá lágbára, èlé yín yóò kéré, ì báà jẹ́ pé inú iná lẹ fẹ́ kó owó náà sí.

## Iṣẹ́ tí a ó fi ṣàpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ilé-iṣẹ́ kan ń pín omi ẹ̀rọ sí ilé àwọn ènìyàn. Owó rẹ̀ ń wọlé déédéé, nítorí kò sí bí ọjà ṣe le tó tí ènìyàn kò ní í lo omi. Ilé-iṣẹ́ yìí wá fẹ́ ra katapílà àti kireèni tí yóò máa háyà fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé. Owó ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 100, iṣẹ́ náà yóò sì gba ọdún 5.

Bí ọrọ̀ ajé bá ń lọ dáadáa, ilé-kíkọ́ á pọ̀, ẹ̀rọ á sì máa rí oníbàárà: mílíọ̀nù 50 ni yóò máa wọlé lọ́dún lẹ́yìn ìnáwó. Bí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀, ilé-kíkọ́ ló kọ́kọ́ ń dúró. Mílíọ̀nù 6 péré ni yóò máa wọlé. Ìdajì-ìdajì ni ó ṣeé ṣe kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Àárín wọn jẹ́ mílíọ̀nù 28 lọ́dún.

Báńkì sọ pé òun yóò yá wọn ní mílíọ̀nù 100 náà ní 8%. Bí wọ́n bá fẹ́ san án tán láàárín ọdún 5 ní iye kan náà lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 25.05 ni wọn yóò máa san. Ẹni tó bá wo 28 àti 25.05 yóò sọ pé iṣẹ́ náà gbé ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún búburú náà dáadáa. Mílíọ̀nù 6 wọlé, báńkì ń retí 25.05. Ta ni yóò san 19.05 tó kù? Owó omi ni yóò san án, lọ́dọọdún, fún ọdún 5: ó lé ní mílíọ̀nù 95 lápapọ̀. Ìdí tí báńkì fi fọwọ́ sí 8% nìyẹn. Kò fọkàn sí katapílà kankan. Owó omi ló ń wò. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ omi ló dúró fún gbèsè náà láìgba kọ́bọ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ iye ìdúró yẹn sí nínú ìṣirò.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní iṣẹ́ katapílà dá dúró gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, tí báńkì kò ní ibòmíràn tí yóò ti gba owó rẹ̀. Ní ọdún búburú, mílíọ̀nù 6 ni gbogbo ohun tí yóò rí gbà. Kí àárín ohun tó ń gbà tó lè jẹ́ 25.05, ó ní láti gba mílíọ̀nù 44.1 lọ́dún nígbà tí nǹkan bá dára. Èlé tó máa wà lórí ìwé àdéhùn yẹn jẹ́ nǹkan bí 34%! Ẹ sì kíyè sí i pé ní 34% yìí, 8% náà ni báńkì ṣì ń retí ní tòótọ́. Kò tíì gba ohunkóhun fún ewu tó gbà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe wá mú 34% lò gẹ́gẹ́ bí ìdá ìdínkù. Èlé tí wọ́n ṣèlérí ni, kì í ṣe èrè tí wọ́n ń retí. Ohun tó wúlò fún ni pé kí ó là yín lójú pé 8% kì í ṣe owó iṣẹ́ yìí.

## Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín

- Owó tí ẹ ń retí lọ́dọọdún, láìyọ èlé kúrò nínú rẹ̀
- Èrè orí bọ́ǹdì ìjọba tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ ti iṣẹ́ yín, ní irú owó kan náà
- Àfikún èrè tí àwọn olùdókòwò ń retí lórí ọjà ìpín ju bọ́ǹdì ìjọba lọ
- Ilé-iṣẹ́ méjì sí márùn-ún tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe nìkan ni wọ́n ń ṣe
- Bẹ́tà ìpín wọn, àti iye gbèsè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ

## Ìgbésẹ̀

1. Ẹ kọ owó tí ẹ ń retí sílẹ̀, kì í ṣe owó tí ẹ ń gbàdúrà fún. 28 ni a óò kọ fún katapílà, kì í ṣe 50. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò tó dé orí tábìlì àwọn alákòóso ló jẹ́ pé ọdún dídára nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìdá tí ẹ lè lò tí yóò tún un ṣe.

2. Ẹ wá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má wo ilé-iṣẹ́ tiyín. Ẹ wá àwọn tó ń háyà ẹ̀rọ ńlá nìkan, tí ìpín wọn sì wà lórí ọjà. Èyí tó ń háyà ẹ̀rọ tó tún ń ta sìmẹ́ǹtì yóò dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi í sílẹ̀.

3. Ẹ mú bẹ́tà wọn, kí ẹ sì yọ ipa gbèsè kúrò. Bẹ́tà ń sọ bí ìpín kan ṣe ń bá gbogbo ọjà lọ. Bí ọjà bá gòkè ní 10%, ìpín tí bẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 1.5 á sábà gòkè ní nǹkan bí 15%. Bí ọjà bá sì wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ á ṣe wálẹ̀.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Gbèsè ń mú kí ìpín túbọ̀ máa fò sókè-sódò, nítorí àwọn tó yá ilé-iṣẹ́ lówó ló ń kọ́kọ́ gba tiwọn, àwọn tó ni ìpín ló sì ń gba ohun tó kù. Ewu iṣẹ́ ni a ń wá, kì í ṣe ewu gbèsè ẹlòmíràn. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ sọ bẹ́tà ìpín di púpọ̀ pẹ̀lú ìdá tí owó àwọn tó ni ìpín jẹ́ nínú gbogbo iye ilé-iṣẹ́ náà. Iye tí ọjà fi sí i ni kí ẹ lò, kì í ṣe iye inú ìwé ìṣirò owó.

| Ilé-iṣẹ́ | Bẹ́tà ìpín | Ìdá owó oní-ìpín | Bẹ́tà iṣẹ́ |
|---|---|---|---|
| Àkọ́kọ́ | 1.8 | 80% | 1.44 |
| Kejì | 2.1 | 70% | 1.47 |
| Kẹta | 1.6 | 100% | 1.60 |

Àárín wọn jẹ́ 1.5. Ẹ rí i pé ní ọwọ́ òsì, 1.6 àti 2.1 jìnnà síra. Lẹ́yìn tí gbèsè kúrò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ra. Àmì pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nìyẹn. Bí àwọn tiyín bá ṣì fọ́nká lẹ́yìn tí ẹ yọ gbèsè, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì: ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kó ilé-iṣẹ́ tí kò jọra pọ̀.

(Ọ̀nà yìí gbà pé gbèsè wọn kò léwu lọ títí. Bí gbèsè ilé-iṣẹ́ kan bá ti kọjá ìdajì iye rẹ̀, ó sàn kí ẹ wá òmíràn dípò rẹ̀.)

4. Ẹ kó ìdá náà jọ. Ẹ mú èrè bọ́ǹdì ìjọba, kí ẹ fi bẹ́tà iṣẹ́ tí ẹ ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú àfikún èrè ọjà kún un. Ká ní bọ́ǹdì ń mú 5% wá, àfikún èrè ọjà sì jẹ́ 6%:

```
5% + 1.5 × 6% = 14%
```

5. Ẹ dín owó ọdún kọ̀ọ̀kan kù. Èyí ni ohun tí mílíọ̀nù 28 ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ lónìí:

| Ọdún | Ní 8% | Ní 14% |
|---|---|---|
| 1 | 25.93 | 24.56 |
| 2 | 24.01 | 21.55 |
| 3 | 22.23 | 18.90 |
| 4 | 20.58 | 16.58 |
| 5 | 19.06 | 14.54 |
| Àpapọ̀ | 111.81 | 96.13 |

Ẹ wá yọ mílíọ̀nù 100 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 8%, ó dà bíi pé èrè nǹkan bí mílíọ̀nù 11.8 wà. Ní 14%, àdánù mílíọ̀nù 3.87 ló wà. Iṣẹ́ kan náà, owó kan náà. Ìdá tí kò tọ́ ló sọ àdánù di èrè.

Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Excel, ohun tí ẹ ó tẹ̀ rèé, bí owó ọdún 1 dé 5 bá wà láti B2 dé F2:

```
=NPV(0.14, B2:F2) - 100
```

Ẹ má ṣe kó mílíọ̀nù 100 sínú àmì ìkámọ́ náà. `NPV` gbà pé òpin ọdún kìíní ni owó àkọ́kọ́ tó bá rí níbẹ̀, yóò sì dín owó tí ẹ ti san lónìí kù bí ẹni pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

6. Ẹ wádìí ìdá tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń mú wá, ìyẹn ìdá tí yóò mú kí owó tó ń wọlé jẹ́ mílíọ̀nù 100 gan-an lónìí. Ti katapílà jẹ́ nǹkan bí 12.4% lọ́dún. Ó ju 8% lọ, kò sì tó 14%. Inú àlàfo yìí gan-an ni àwọn iṣẹ́ tó ń tan ilé-iṣẹ́ jẹ máa ń wà. Bí tiyín bá bọ́ síbẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè: ta ló máa gba 12.4% lórí ewu tí àwọn ẹlòmíràn ń gba 14% lé lórí, lórí ọjà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé?

## Ewu wo ló yẹ kó wọ inú ìdá?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà lọ sí ìhà kejì: wọ́n á gbọ́ pé ewu ló ń sọ ìdá, wọ́n á wá kó gbogbo ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù sínú rẹ̀.

Ewu tó ń bá gbogbo ọrọ̀ ajé rìn nìkan ló yẹ níbẹ̀. Ti katapílà wọlé nítorí pé àkókò tí ilé-kíkọ́ dúró náà ni ìpín gbogbo ènìyàn ń wálẹ̀; ẹni tó ni owó kò ní ibi tí yóò sá sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù tó ń bà yín bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì lè kú, tàbí pé ìwé àṣẹ lè pẹ́ kó tó jáde, ìyẹn kò bá ọjà ìpín tan. Ẹni tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ogójì kò ní í mọ̀ ọ́n lára, nítorí bí ti ẹnì kan bá bàjẹ́, ti ẹlòmíràn á dára. Inú owó tí ẹ ń retí ni irú ewu bẹ́ẹ̀ ń lọ: bó bá ṣeé ṣe ní 10% kí owó má wọlé rárá nítorí rẹ̀, ẹ dín owó náà kù ní 10%.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá kàn lẹ 5% mọ́ ìdá “fún ìfọ̀kànbalẹ̀”. Láti 14% sí 19%, owó ọdún kìíní dín láti 24.56 sí 23.53, nǹkan bí 4%. Ti ọdún karùn-ún dín láti 14.54 sí 11.73, nǹkan bí 19%. Bí ìwé àṣẹ bá ń bà yín lẹ́rù, ọdún kìíní ló máa dà rú. Ẹ ti wá fìyà jẹ ọdún karùn-ún fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

## Ìdá gbogbo ilé-iṣẹ́ náà lè ṣì yín lọ́nà

Àwọn kan ti mọ̀ pé èlé gbèsè kò tọ́, wọ́n á wá lo àárín èlé àti èrè oní-ìpín gbogbo ilé-iṣẹ́ fún gbogbo iṣẹ́. Ó sàn ju 8% lọ. Síbẹ̀, ó tọ́ kìkì fún iṣẹ́ tó jọ ti àtijọ́ yín.

Ká ní àárín yìí jẹ́ 10%. Iṣẹ́ katapílà yóò kọjá, nítorí 12.4% ju 10% lọ. Lọ́wọ́ kan náà, ẹnì kan mú iṣẹ́ mìíràn wá: mílíọ̀nù 60 lónìí, mílíọ̀nù 15 lọ́dún fún ọdún 5, lábẹ́ àdéhùn tó fìdí múlẹ̀ tí kò ka ọrọ̀ ajé sí. Ní 10%, iye rẹ̀ lónìí jẹ́ 56.9, wọ́n á sì dá a nù. Ṣùgbọ́n bí ìdá tó bá ewu rẹ̀ mu bá jẹ́ 7%, iye rẹ̀ jẹ́ 61.5, èrè mílíọ̀nù 1.5 ni wọ́n jù sígbó. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, iṣẹ́ eléwu á máa wọlé, èyí tó dákẹ́ á máa jáde, ilé-iṣẹ́ omi á sì di ohun tí báńkì kò ní í yá ní 8% mọ́.

## Àwọn àṣìṣe mìíràn

- Yíyọ èlé kúrò nínú owó tó ń wọlé, kí ẹ tún wá dín in kù. Ẹ ti san owó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Inú ìdá ni owó lílo owó wà.
- Dída ọ̀wọ́n gógó rú. Bí ìdá yín bá ti ara bọ́ǹdì wá, ọ̀wọ́n gógó ti wà nínú rẹ̀. Owó tí ẹ ń retí gbọ́dọ̀ ní in nínú pẹ̀lú.
- “Gbèsè nìkan la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí náà 8% ni.” Gbèsè òní ń jẹ àyè tí ẹ ìbá fi yáwó fún iṣẹ́ ọ̀la. Bó bá wá jẹ́ pé owó oní-ìpín lẹ ó fi ṣe iṣẹ́ ọ̀la, ṣé yóò wá burú nítorí pé ó dé kejì?

Bí gbèsè bá ń dín owó orí yín kù, àǹfààní gidi ni. Ẹ ṣírò iṣẹ́ náà ní 14% bí ẹni pé kò sí gbèsè rárá, kí ẹ wá ṣírò owó orí tí ẹ rí fi pamọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi kún un. Lọ́nà yẹn, ẹ ó rí i kedere bóyá iṣẹ́ ló dára tàbí owó orí ló gbé e ró.

## Bí kò bá sí ilé-iṣẹ́ tó jọ ọ́

Ẹ pín iṣẹ́ yín sí ìsọ̀rí, kí ẹ sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ìdá tirẹ̀. Pípààrọ̀ ẹ̀rọ tó gbó á wà nísàlẹ̀ ìdá ilé-iṣẹ́, fífẹ iṣẹ́ àtijọ́ lójú á wà lórí rẹ̀ gan-an, ọjà tuntun á wà lókè. Ìbéèrè méjì ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ kan yóò bọ́ sí:

1. Bí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀, ṣé oníbàárà lè sún ríra rẹ̀ síwájú? Omi kò ṣeé sún síwájú. Kireèni ṣeé sún.
2. Mélòó nínú ìnáwó rẹ̀ ni ẹ ó ṣì máa san bí kò bá sí oníbàárà kankan? Bó bá ṣe pọ̀ tó ni èrè yóò ṣe máa fò sókè-sódò tó.

Ẹ tún lè béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ báńkì yín pé: “Bí iṣẹ́ yìí bá dá dúró, tí ilé-iṣẹ́ wa kò dúró fún un, ẹ ó yá a? Ní èlé mélòó?” Bó bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tàbí tó bá ní ohun tí wọn óò yá kò lè ju ìdajì lọ, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

## Ibi kan tí èlé gbèsè ti tọ́

Ká ní ẹ ti pinnu pé ẹ̀rọ kan yóò wà, ìbéèrè tó kù ni bóyá kí ẹ yáwó rà á tàbí kí ẹ háyà rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn fún ọdún 5 ní iye tí kò ní í yí padà. Owó háyà yẹn di dandan, ì báà dára fún ilé-iṣẹ́ yín, ì báà má dára. Gbèsè ni ní gbogbo ọ̀nà. Èlé gbèsè lẹ́yìn owó orí ni kí ẹ fi dín in kù: bí èlé bá jẹ́ 8% tí owó orí sì jẹ́ 30%, ìdá yín jẹ́ 5.6%.

Ìwọ̀n ibi tó mọ nìyẹn. Iye tí ẹ rò pé ẹ ó ta ẹ̀rọ náà ní òpin ọdún karùn-ún kò sí lábẹ́ 5.6%, nítorí ọjà ló máa sọ ọ́, ìdá rẹ̀ sì ga jù bẹ́ẹ̀. Bí ìbéèrè bá sì jẹ́ bóyá kí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ wà rárá, 14% náà ni ẹ ó padà sí.